Ṣé o mọ̀? Ilé epo lè gbẹ́sẹ̀ lé owó tí o kò ná

Ní Amẹ́ríkà, bí o bá fi káàdì báǹkì sanwó lára ẹ̀rọ epo, ilé epo lè gbẹ́sẹ̀ lé owó tó tó dọ́là 175 nínú àkáǹtì rẹ kí o tó bu epo rárá, torí ẹ̀rọ náà kò tíì mọ iye tí o máa rà. Bí dọ́là 200 ló wà níbẹ̀, tí o sì ra epo dọ́là 40, dọ́là 25 péré lo lè ná títí iye gidi yóò fi dé báǹkì. Ìyẹn lè gba wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ mélòó kan. Bí o bá kọ́kọ́ wọlé sanwó fún agbowó, dọ́là 40 nìkan ni wọn yóò yọ.