Ìbọn Ṣakabùlà: Bí Ó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ àti Ìdí tí Ó Fi Léwu

Bí ẹ bá dé abúlé kan ní ilẹ̀ Yorùbá ní àsìkò tí àwọn ọdẹ ń lọ sí oko, ẹ lè rí ọkùnrin kan tí ó gbé ìbọn gígùn kan kọ́ èjìká. Ìbọn ṣakabùlà ni a ń pe irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó máa ń dún. Lẹ́yìn náà, ọdẹ gbọ́dọ̀ dúró kí ó tún ki ìbọn rẹ̀ kí ó tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ìṣe méjì yìí. A máa ń *ki ìbọn*, ìyẹn ni pé a máa ń fi ẹ̀tù àti ọta sí inú rẹ̀. A sì máa ń *yin ìbọn*, ìyẹn ni pé a máa ń jẹ́ kí ó dún. Láàárín kíkì àti yíyìn ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ewu ìbọn yìí wà.

Bí a ṣe ń ki ìbọn

Ara ìbọn yìí kò le láti mọ̀. Ọ̀pá irin gígùn kan ni, tí a gbé lé orí igi. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ dí pa. Nítorí náà, ẹnu ni gbogbo ohun tí ó bá wọ inú rẹ̀ ń gbà wọlé. Ọdẹ á kọ́kọ́ da ẹ̀tù sí i. Á fi àkísà lé e, á sì fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tì í títí yóò fi kan ìdí ìbọn. Lẹ́yìn náà, á fi ọta sí i, á tún fi àkísà mìíràn dí i kí ọta má baà yọ́ jáde.

Ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ìbọn náà. Lóde ihò yìí, àwo kékeré kan wà tí ọdẹ ń fi ẹ̀tù díẹ̀ sí. Bí ìka bá fa apátí, òòlù tí ó di òkúta mú á já lu irin, iná á sì ta sí inú àwo náà. Ẹ rántí pé ọ̀nà kan náà ni àwọn àgbà ń gbà dá iná láyé àtijọ́: wọ́n ń ṣá iná láti ara òkúta àti irin. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà *ìṣáná* ti wá. Iná inú àwo á gba inú ihò lọ bá ẹ̀tù tí ó wà ní ìdí ìbọn. Ẹ̀tù náà á jó lójijì, á di èéfín gbígbóná tí ó ń wá ibi tí yóò gbà jáde, á sì ti ọta síwájú.

Agbára tí irin gbọ́dọ̀ gbà

Èéfín gbígbóná náà kì í ti ọta nìkan. Ó ń ti ara ọ̀pá irin náà pẹ̀lú, ní gbogbo ọ̀nà. Bí irin kò bá lágbára tó, ọ̀pá náà á bẹ́.

Ní ayé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n ń kó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe ní ìlú Bìmíńgáàmù. Ní ọdún 1813, òfin dá ilé kan sílẹ̀ ní ìlú náà fún ìdánwò ìbọn. Wọ́n á ki ẹ̀tù tí ó pọ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ sí inú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì yìn ín níbi tí kò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tí kò bá bẹ́ ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ ìgbèríko ni ó ṣe púpọ̀ nínú àwọn ṣakabùlà òde òní. Ó lè jẹ́ páìpù omi ni ó fi ṣe ọ̀pá ìbọn. Irú páìpù bẹ́ẹ̀ lè ní ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀, a kò sì ṣe é fún agbára ẹ̀tù. Alágbẹ̀dẹ lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ kò sí òǹtẹ̀ kankan tí ó sọ iye ẹ̀tù tí ọ̀pá náà lè gbà. Nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ni ìbọn náà máa dún, ọdẹ tí ó ń bẹ̀rù pé ẹran yóò sá lọ lè da ẹ̀tù sí i ju bí ó ti yẹ lọ.

Ìbọn tí kò dún

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ọdẹ kan lọ sí oko ní àsìkò òjò. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó rí ọ̀yà kan, ó fa apátí. Iná kọ mànà nínú àwo, ṣùgbọ́n ìbọn kò dún. Kí ló fà á? Ó lè jẹ́ pé ẹ̀tù ti tutù, nítorí pé ẹ̀tù máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé èérí ẹ̀tù tí ó ti jó tẹ́lẹ̀ ni ó dí ihò náà.

Ewu àkọ́kọ́ nìyí: iná lè ṣì wà nínú ihò náà, kí ó máa rá pálá lọ sí ìdí ìbọn. Ìbọn náà lè dún lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ọdẹ tí ó bá yára wo ẹnu ìbọn láti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lè kú síbẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí ó dojú ìbọn kọ ibi tí kò sí ènìyàn, kí ó sì dúró fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán.

Ewu kejì kì í tètè hàn. Ọ̀yà ti sá lọ, ọdẹ wa sì rìn síwájú. Nígbà tí ó di òru, kò rántí mọ́ bóyá ìbọn rẹ̀ ṣófo. Ó tún da ẹ̀tù àti ọta mìíràn sí i. Ìkìmọ́lẹ̀ méjì ni ó wà nínú ọ̀pá náà báyìí, èyí òkè sì dúró bí ìdérí lórí èyí ìsàlẹ̀. Bí ó bá yìn ín, èéfín ìsàlẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde kíákíá. Ọ̀pá náà lè bẹ́ nítòsí ìdí rẹ̀, níbi tí ọwọ́ òsì àti ojú ọdẹ wà.

Ṣé ó lè mọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ó tó ki ìbọn, kí ó rí i dájú pé òòlù ti wà nílẹ̀ àti pé kò sí ẹ̀tù nínú àwo. Lẹ́yìn náà, kí ó ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ inú ìbọn láìfi ojú tàbí àyà sókè ẹnu rẹ̀. Bí a bá ti fa ilà sí ara ọ̀pá yìí nígbà tí ìbọn ṣófo, ilà náà á bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Bí ilà bá yọ sókè, nǹkan wà nínú ìbọn.

Ìbọn nínú ilé

Kò rọrùn láti tú ohun tí ó wà nínú ṣakabùlà jáde. Ọ̀nà tí ó yá jù ni kí a yìn ín. Nítorí náà, ọdẹ tí kò rí ẹran pa lè gbé ìbọn tí a ti kì padà wá sílé, kí ó fi í kọ́ ara ògiri. Ọmọdé tàbí àlejò tí ó bá fọwọ́ kàn án kò ní mọ̀, nítorí pé kò sí ohun tí ó hàn lóde.

Òwe Yorùbá kan bá ọ̀rọ̀ yìí mu: *Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni ó jẹ́ jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun?* Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, ìbáà jẹ́ pé ìbọn pé tàbí kò pé, kò sí ẹni tí yóò gbà kí a na ẹnu rẹ̀ sí òun. Níwọ̀n bí a kò ti lè fi ojú mọ ohun tí ó wà nínú ṣakabùlà, bí ẹni pé a ti kì í ni kí a máa ṣe sí i.