Páànù Wo Ló Yẹ Ilé Etí Òkun?

Ẹni tó ń kọ́lé ní Àgbádárìgì lè bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn ra páànù irin kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí tirẹ̀ sì ti dógùn-ún nígbà tí tọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì ń dán. Iyọ̀ tí atẹ́gùn òkun ń gbé wá ló fà á. Síńkì tí wọ́n fi bo irin ni òjò àti iyọ̀ máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ìgbà tí síńkì bá tán ni ìdógùn-ún tó ráyè wọlé. Lára páànù onísíńkì tó dára, síńkì ojú kọ̀ọ̀kan nípọn tó ìdá kan nínú àádọ́ta mìlímítà, ìyẹn máíkírọ́nù 20. Níbi tó jìnnà sókun, tí kò sì sí èéfín iléeṣẹ́, ohun tó ń jẹ lọ́dún lè má tó máíkírọ́nù kan. Létí òkun, ó lè tó mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó yẹ kó lò tó ogún ọdún níbì kan lè tán láàárín ọdún márùn-ún níbòmíràn. Páànù olówó pọ́ọ́kú tí síńkì rẹ̀ fẹ́lẹ́ kò tiẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, irú irin tí wọ́n fi ṣe páànù ni kí onílé etí òkun kọ́kọ́ béèrè, kó tó béèrè bó ṣe nípọn tó. Alumíníọ̀mù kì í dógùn-ún bí irin. Awọ tín-ínrín tó ń hù sí i lára ló ń dáàbò bò ó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń tà fún yín, ẹ gbé òòfà sí i lára. Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ géèjì. Bí nọ́ńbà géèjì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni páànù ń fẹ́lẹ́ sí i, nọ́ńbà náà kò sì rí bákan náà nínú gbogbo ìwé òṣùwọ̀n: géèjì 28 lè jẹ́ mìlímítà 0.36 nínú ọ̀kan, kó sì jẹ́ 0.47 nínú òmíràn. Ó sàn kí ẹ béèrè mìlímítà. Lọ́jà wa, lọ́ọ̀nsípáànù alumíníọ̀mù 0.45 àti 0.55 ló wọ́pọ̀. Èyí tó nípọn kì í tètè wọnú bí káfíńtà bá tẹ̀ ẹ́, ìjì kì í sì í tètè fà á ya níbi ìṣó. Ṣùgbọ́n kò lè gba yín lọ́wọ́ ooru: 0.7 pàápàá ń gbé ooru wọlé bíi 0.45. Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀, sílíìn, àti ihò tí atẹ́gùn gbígbóná yóò gbà jáde lábẹ́ òrùlé ló ń mú ilé tutù.

Àwọn kan máa ń pe 0.45 ní 0.55. Òṣùwọ̀n ìdáná lè tú àṣírí wọn. Ẹ jẹ́ ká ní páànù tí wọ́n fẹ́ tà fún onílé wa fẹ̀ ní mítà 1.2 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Kó ní kí wọ́n gé mítà kan fún òun, kó wọ̀n ọ́n. Bó bá jẹ́ 0.55 lóòótọ́, yóò tó kílò 1.78. Bó bá jẹ́ 0.45, kò ní ju nǹkan bíi kílò kan àtààbọ̀ lọ, ọ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú. Bí òrùlé rẹ̀ bá tó mítà 200 ní ìbú àti òró, kò dín ní kílò 54 alumíníọ̀mù tó sanwó fún tí kò gbà.

Ní ti ọ̀dà, políẹ́sítà wọ́pọ̀, ó sì rọ̀jú, ṣùgbọ́n oòrùn tètè máa ń bà á jẹ́ ju èyí tí wọ́n kọ PVDF sí lára. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nu páànù tó ti pẹ́ lórí ilé kan: bí ìyẹ̀fùn bá lẹ̀ mọ́ ọn yín lọ́wọ́, ọ̀dà náà ti ń kú.

Ibi ìṣó ni ọ̀pọ̀ ilé ti máa ń jò. Páànù alumíníọ̀mù tó gùn ní mítà 10, tí ooru rẹ̀ gòkè láti ìwọ̀n 25 láàárọ̀ dé 65 lọ́sàn-án, yóò fi nǹkan bíi mìlímítà mẹ́sàn-án gùn sí i. Bí òjò bá rọ̀ sí i lójijì, yóò sún kì. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ihò ìṣó á máa fẹ̀. Orí òkè páànù ni kí káfíńtà ti gbá ìṣó, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà, kó sì fi rọ́bà sábẹ́ orí rẹ̀. Ìṣó irin lásán lè jẹ alumíníọ̀mù níbi tí omi bá ti kan àwọn méjèèjì. Sìmẹ́ǹtì tútù náà ń jẹ ẹ́, nítorí náà kí wọ́n tètè nù ún kúrò bó bá ta sí i.

Kí onílé tó san owó, kí wọ́n kọ nǹkan mẹ́ta sínú rìsíìtì rẹ̀: irú irin, mìlímítà rẹ̀ láìka ọ̀dà mọ́ ọn, àti irú ọ̀dà. Bí wọ́n bá já páànù sílẹ̀ nílé rẹ̀, kó tún wọ̀n ọ́n kó tó jẹ́ kí wọ́n gbé e gòkè.