Wákàtí Mélòó Ló Kù? Bátìrì Fóònù àti Dátà gẹ́gẹ́ bí Ohun Èlò fún Kíkọ́ Ìṣirò Ìwọ̀n Ìyára

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé bí a ṣe lè mọ iye wákàtí tí bátìrì fóònù yóò tún lò, tàbí iye ọjọ́ tí dátà yóò tún gbé wa, láti inú nọ́ńbà tó wà lójú fóònù. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé kíkà kan ṣoṣo kò lè dáhùn ìbéèrè yìí. Kíkà méjì àti aago ni a nílò, a sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a fẹ́ fi fóònù náà ṣe ní wákàtí tó ń bọ̀. A fi àpẹẹrẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú Bìní ṣe àlàyé, a sì tọ́ka sí ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣi ìṣirò náà ṣe.

1. Ìfáàrà

Ní ìlú Bìní, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà, àkókò tí iná wà ló ń pinnu ìgbà tí a lè gba iná sí fóònù. Àjọ NERC tó ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná pín àwọn oníbàárà sí báǹdì márùn-ún. Àwọn tó wà ní báǹdì A ni a là kalẹ̀ pé kí wọ́n ní iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́; ti àwọn tó wà ní báǹdì E jẹ́ wákàtí 4. Ẹni tó ń gbé ní àdúgbò báǹdì E gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá fóònù òun yóò kọjá àkókò tí kò ní sí iná. Ìbéèrè ìṣirò gidi ni èyí, ìbéèrè ìwọ̀n ìyára tí ó wà nínú ìwé ìṣirò ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ni pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nínú ìwé, mọ́tò máa ń sáré ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fóònù kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

2. Ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ

Bí fóònù bá fi 40% hàn, ohun tó ń sọ ni pé ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí bátìrì náà lè gbà ni ó kù. Kò sọ nǹkan kan nípa wákàtí. Àwọn fóònù méjì lè fi 40% hàn, kí ọ̀kan kú ní wákàtí méjì, kí èkejì sì di ọjọ́ kejì.

Ìdí méjì ló fà á. Èkínní, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe yàtọ̀. Èkejì, ohun tí bátìrì wọn lè gbà yàtọ̀. Ká ní bátìrì tuntun gba 5,000 mílíáǹpù-wákàtí, tí iṣẹ́ kan sì ń jẹ 400 ní wákàtí kan, 8% ló ń lọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí bátìrì náà bá gbó títí tí kò fi lè gbà ju 4,000 lọ, iṣẹ́ kan náà yóò máa jẹ 10% ní wákàtí kan. Nítorí náà ni ẹnikẹ́ni kò fi lè fi ìwọ̀n fóònù ẹlòmíràn ṣírò tirẹ̀.

3. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣírò rẹ̀

Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ni. A ó kọ nọ́ńbà àti aago sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, a ó tún kọ méjèèjì sílẹ̀. A ó fi àkókò tó kọjá pín iye tó lọ sílẹ̀. Èyí ni ìwọ̀n ìlọsílẹ̀ ní wákàtí kan. Lẹ́yìn náà:

```
wákàtí tó kù = (ohun tó wà − ìpamọ́) ÷ ìlọsílẹ̀ ní wákàtí kan
```

Ìpamọ́ ni ìwọ̀n tí a kò fẹ́ kí bátìrì lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tó bá ṣírò dé odo kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ìpè tí yóò pè lójú ọ̀nà ilé. A ó rí ìdí mìíràn fún ìpamọ́ yìí ní ìsọ̀rí 5.

4. Àpẹẹrẹ: ọjọ́ kan lẹ́nu ìdánrawò

Ẹ jẹ́ kí a wo akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà lẹ́nu TP ní ilé-ẹ̀kọ́ kan nínú ìlú Bìní. Kò sí iná ní ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́jọ́ yìí. Agogo méjì ọ̀sán ni alábòójútó rẹ̀ yóò pè é kó tó wá wo iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà fóònù rẹ̀ kò gbọdọ̀ kú. Ó fẹ́ pa 15% mọ́ fún ìrìn àjò ilé.

Ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, fóònù rẹ̀ wà ní 78%. Nígbà tó di agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀, ó wà ní 66%. Ìdá 12 ló lọ ní wákàtí kan ààbọ̀, ìyẹn 8% ní wákàtí kan. Bí a bá yọ 15 kúrò nínú 66, ó ku 51. Bí a bá fi 8 pín in, ó jẹ́ wákàtí 6 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 22. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Títí di agogo mọ́kànlá, ìwọ̀n náà kò yí padà: fóònù wà ní 54%. Ìgbà náà ló tan hótísípọ́ọ̀tì kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè wo fídíò ẹ̀kọ́ lórí ẹ̀rọ mìíràn. Ní agogo mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, fóònù ti di 42%. Ìdá 12 tó gba wákàtí kan ààbọ̀ láàárọ̀ ti lọ ní ogójì ìṣẹ́jú. Ìyẹn jẹ́ 18% ní wákàtí kan. Ohun tó kù lórí ìpamọ́ jẹ́ 27.

Èwo ni kí ó fi ṣírò báyìí? Bí ó bá lo àròpọ̀ gbogbo àárọ̀, ìdá 36 ló lọ ní wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 40, èyí tó súnmọ́ 10% ní wákàtí kan. Ìyẹn yóò sọ fún un pé ó kù tó wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 45, pé yóò kọjá agogo méjì. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi hótísípọ́ọ̀tì sílẹ̀ ní títàn, 27 tí a fi 18 pín jẹ́ wákàtí kan ààbọ̀ péré. Yóò kan ìpamọ́ ní agogo kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí alábòójútó tó pè. Àròpọ̀ àárọ̀ tàn án jẹ nítorí pé ó da iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn.

Ìdáhùn tó tọ́ ni kí ó pín wákàtí tó ń bọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ inú rẹ̀. Fídíò náà ku ìṣẹ́jú 45. Ní ìwọ̀n 18, yóò jẹ 13.5. Ó ku 13.5. Bí ó bá pa hótísípọ́ọ̀tì lẹ́yìn náà, tí ìwọ̀n padà sí 8, èyí yóò gbé e fún nǹkan bí wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 41. Agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà ni yóò tó kan ìpamọ́. Ó lè parí fídíò náà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbàgbé láti pa hótísípọ́ọ̀tì, kò sì sí àyè fún fídíò kejì.

5. Nígbà tí kíkà kò ṣeé gbára lé

Ohun méjì ló yẹ kí olùkọ́ kíyèsí níhìn-ín. Àkọ́kọ́ ni pé fóònù kì í sábà fi ìdajì pásẹ́ǹtì hàn. Bí ó bá kúrò ní 62% dé 60% ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohun tó lọ gan-an lè ju 1 lọ díẹ̀, ó sì lè kù díẹ̀ kó pé 3. Tí ó bá jẹ́ 1, 60% tó kù yóò lo wákàtí 10 kó tó tán pátápátá. Tí ó bá jẹ́ 3, kò ní ju wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 20 lọ. Nọ́ńbà kan náà ló bí ìdáhùn méjèèjì. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a dúró títí ìdá mẹ́wàá ó kéré tán yóò fi lọ, tàbí kí a wo aago ní ìgbà gan-an tí nọ́ńbà náà yí padà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin.

Èkejì ni bátìrì tó ti gbó. Fóònù kò lè wo inú bátìrì bí ẹni wo omi nínú ìgò. Ó ń ka iná tó wọlé àti èyí tó jáde, ó sì ń wọn agbára ìtì iná bátìrì náà, ìyẹn fóltéèjì, láti fi ṣe ìfojúdíwọ̀n. Nínú bátìrì tó gbó, bí iṣẹ́ ńlá bá dé lójijì, fóltéèjì lè já wálẹ̀ débi pé fóònù yóò kú nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń fi 15% tàbí 20% hàn. Àmì rẹ̀ ni pé bí a bá so ó mọ́ iná, tí a tún un tàn, ó lè fi nọ́ńbà tó yàtọ̀ gan-an hàn. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ń ṣe báyìí gbọ́dọ̀ gbé ìpamọ́ rẹ̀ ga ju ibi tó ti máa ń kú lọ.

6. Dátà: ohun méjì ló ń tán

Ti dátà rọrùn lọ́nà kan, ó sì le lọ́nà mìíràn. Ó rọrùn nítorí pé kíkà ni, kì í ṣe ìfojúdíwọ̀n. Ó le nítorí pé dátà ní ọjọ́ tí yóò parí, yálà a lò ó tàbí a kò lò ó.

Ká ní ẹnì kan ra gígábáìtì 5 fún ọgbọ̀n ọjọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, ó ti lo 1.5. Ìyẹn jẹ́ 0.25 lójúmọ́. Gígábáìtì 3.5 ló kù, yóò sì tán ní ọjọ́ 14. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 24 ló ṣì kù kí oṣù rẹ̀ tó pé. Kékeré nínú méjèèjì ni ìdáhùn: ọjọ́ 14. Bí ó bá fẹ́ kó dé òpin, ó gbọ́dọ̀ yí ìbéèrè náà padà, kí ó fi 24 pín 3.5. Ìyẹn yóò fún un ní nǹkan bí mẹ́gábáìtì 146 lójúmọ́, èyí tí kò tó ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ohun tó ń lò tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ kan kò tó láti fi wọn dátà. Fídíò wákàtí kan lálẹ́ lè jẹ ohun tí ọjọ́ méjì ń jẹ. Ọ̀sẹ̀ odindi ló dára jù fún kíkà, nítorí pé ó ní ọjọ́ iṣẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi nínú.

7. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọsẹ̀

Àṣìṣe tó yẹ kí a máa retí jù ni ti aago. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣírò títí ó fi rí wákàtí 6.37, ó sì kọ wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 37. Ẹ ní kí ó fi 60 sọ 0.37 di púpọ̀. Yóò rí i pé ìṣẹ́jú 22 ni. Àṣìṣe kejì ni fífi 100 bẹ̀rẹ̀ dípò ohun tó wà lójú fóònù lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni pípín ní òdì, kí ó fi iye tó lọ sílẹ̀ pín àkókò. Èyí kì í ṣe àṣìṣe pátápátá: ó ń sọ iye wákàtí tí ìdá kan ń lò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mọ̀ pé ohun tí òun rí nìyẹn, ó lè fi sọ ohun tó kù di púpọ̀, ìdáhùn kan náà ni yóò sì jáde.

8. Ìgúnlẹ̀

A ti fi hàn pé nọ́ńbà ojú fóònù kò di àkókò títí a ó fi ní kíkà méjì, àti pé ìwọ̀n tí a rí kò wúlò ju ìgbà tí iṣẹ́ fóònù bá wà bákan náà lọ. A dábàá pé kí àwọn olùkọ́ni ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ka fóònù kan ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, kí wọ́n kọ iṣẹ́ tó ń ṣe sí ẹ̀gbẹ́ kíkà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ ìgbà tí yóò kan 15%, kí wọ́n sì dúró wò ó. Kí ìdáhùn wọn jẹ́ láàárín àkókò méjì, bí i láàárín agogo kan àti agogo méjì, dípò ìṣẹ́jú kan pàtó.