Ooru Tó Ń Sá Lọ Lára Páìpù Gbígbóná

Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni ibi tí bọ́ílà wà, ọ̀tọ̀ ni ibi tí àwọn ẹ̀rọ tó ń lo sítíìmù rẹ̀ wà. Páìpù irin ló ń gba ìta gbangba kọjá láàárín wọn. Bí wọn kò bá wé páìpù náà, ooru ń sá lọ lára rẹ̀ ní gbogbo wákàtí tí bọ́ílà fi ń ṣiṣẹ́, kódà lọ́jọ́ tí ewé kan kò mì lórí igi. Wáàtì mélòó ló ń sá lọ lára mítà kan? Bí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe máa ń béèrè rẹ̀ nìyẹn, nítorí pé bí páìpù bá ti gùn, bí mítà kan ṣe rí ni èkejì rí. Ẹni tó bá mọ ti ẹyọ kan ti mọ ti gbogbo rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tó fara kan irin náà á gbóná, á sì fúyẹ́ ju èyí tó yí i ká lọ. Á gòkè, á rọ̀ mọ́ ara páìpù lápá ọ̀tún àti lápá òsì, títí apá méjèèjì á fi pàdé lókè, tí wọ́n á sì jọ gbéra lọ. Afẹ́fẹ́ tútù á ti ìsàlẹ̀ wọlé láti gba ipò wọn.

Ẹni tó bá na ọwọ́ sókè páìpù náà yóò rò pé orí rẹ̀ ni ooru ti ń jáde jù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Abẹ́ rẹ̀ ni. Níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tútù ti kọ́kọ́ ń kan irin, ìpele afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà láàárín wọn ṣì fẹ́lẹ́. Bó ṣe ń gòkè ló ń nípọn sí i. Afẹ́fẹ́ tó dé orí páìpù ti gba ooru tó pọ̀ sára, kò sì lè gbà tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Aṣọ lásán ni ìpele yìí jẹ́ fún páìpù náà, òun náà ló sì ń dín ooru tó ń sá lọ kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti páìpù oní-ínǹṣì mẹ́rin. Ìbú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì jẹ́ mìlímítà 114, ìyẹn mítà 0.114. Ara rẹ̀ gbóná tó 150°C, afẹ́fẹ́ ìta jẹ́ 30°C. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 120. Ìlànà kúkúrú tí wọ́n ń lò fún afẹ́fẹ́ tó dákẹ́ nìyí:

```
h = 1.32 × (ΔT ÷ D)^0.25
q = h × π × D × ΔT
```

Ẹ fi 0.114 pín 120, kí ẹ tẹ √ lórí ẹ̀rọ ìṣírò lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi 1.32 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ óò rí nǹkan bí 7.5. Ìlà kejì á wá fún yín ní wáàtì 323 fún mítà kan. Ìlànà tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí Stuart Churchill àti Humbert Chu tẹ̀ jáde lọ́dún 1975, fún wa ní nǹkan bí 294. Ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì nínú irú ìṣírò yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká pè é ní 300.

Ṣùgbọ́n ohun tí afẹ́fẹ́ gbé lọ nìkan nìyẹn. Irin tó gbóná tún ń tan ooru jáde bí iná ààrò ṣe ń ta sí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀. Fún páìpù tó ti dógùn-ún bíi tiwa yìí, ìyẹn tó wáàtì 380, ó ju ti afẹ́fẹ́ lọ! Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ ti fi ju ìdajì àdánù náà sílẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí wáàtì 680.

Ọ̀rọ̀ "dákẹ́" sì tún gba ìṣọ́ra. Afẹ́fẹ́ tó ń gòkè lára páìpù náà kì í sáré tó mítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ ní mítà mẹ́ta péré ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò gbá ìpele gbígbóná yẹn dànù, wáàtì 300 á sì di nǹkan bí 800. Ẹ tan kọ́ìlì ẹ̀fọn sísàlẹ̀ páìpù náà. Bí èéfín rẹ̀ bá rọ̀ mọ́ ara páìpù tó sì gòkè tààrà, ìṣírò wa bá a mu. Bó bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò bá a mu mọ́.

Ọ̀nà tún wà láti fi òṣùwọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo ooru tó bá sá lọ ń sọ díẹ̀ nínú sítíìmù padà di omi nínú páìpù, tíráàpù á sì tú omi náà síta. Ní 150°C, wáàtì 680 ń sọ sítíìmù tó wúwo ju kílò kan lọ díẹ̀ di omi láàárín wákàtí kan, lórí mítà kan ṣoṣo. Páìpù mítà 30 á mú nǹkan bíi kílò 35 wá. Kí ẹni tó fẹ́ wọ̀n ọ́n da omi tútù sínú àgbá, kó gbé e sórí òṣùwọ̀n, kó sì ti ẹnu ọ̀pá tíráàpù bọ inú omi náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí pé bí omi gbígbóná yẹn bá kan afẹ́fẹ́ ni apá kan rẹ̀ á tún di sítíìmù, tí kò ní sí nínú ohun tí a wọ̀n. Bí ìwọ̀n náà bá wá ju 35 lọ dáadáa lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí páìpù náà tutù fún òjò, tàbí kí tíráàpù máa jẹ́ kí ojúlówó sítíìmù jò kọjá.