Téńdà: Ìbéèrè Tó Yẹ Kó Ṣáájú Iye Owó

Ká sọ pé ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan polówó téńdà 600 tábìlì akẹ́kọ̀ọ́. Ojú ewé kan nínú ìwé téńdà ní kí pákó rẹ̀ nípọn tó mílímítà 18, àmọ́ àwòrán tó wà lẹ́yìn ìwé náà kọ 25. Níbi tó yẹ kí wọ́n kọ ibi tí ẹrù máa já sí, "Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́" nìkan ló wà níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìbàdàn ni gbogbo ẹrù máa já sí, tí ọkọ̀ akẹ́rù sì ń gbé 100 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ló máa rìn. Bó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ 30 ni, tí wọ́n fẹ́ 20 níbì kọ̀ọ̀kan, láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ṣakí dé Kìṣí, owó ọkọ̀ àti owó alágbàrù lè gbé èrè mì pátápátá.

Kò sí àyè láti tún owó náà ṣe bí ọjọ́ ìtìpa téńdà bá ti kọjá. Òfin ọdún 2007 tó ń darí rírà ọjà fún ìjọba àpapọ̀ gba ilé iṣẹ́ láyè láti ní kí agbaṣẹ́ṣe ṣàlàyé ohun tó kọ, àmọ́ kò gbọdọ̀ yí iye owó padà. Òfin yìí kan náà ló ní kí ìpolówó téńdà tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn jáde ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó tì í. Inú àkókò yẹn ni ìbéèrè gbọdọ̀ wáyé, kí ọjọ́ tí ìwé téńdà dá fún ìbéèrè tó kọjá.

Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́ka sí ibi tó rúni lójú: "Ẹ̀ka 1, ojú ewé 14, sọ mílímítà 18, àwòrán 3 sọ 25. Èwo ni ká tẹ̀ lé? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní orúkọ ibi tí ẹrù máa já sí àti iye tí ibì kọ̀ọ̀kan fẹ́. Ta ni yóò sanwó jíjá ẹrù?"

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé téńdà, gbogbo ẹni tó gba ìwé ni wọ́n ń fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí, láì dárúkọ ẹni tó béèrè. Nítorí náà, ẹ má fi iye owó yín tàbí orúkọ ẹni tó ń ta pákó fún yín sínú ìbéèrè náà. Bí ìdáhùn bá yí nǹkan padà, ó máa jáde gẹ́gẹ́ bí àfikún ìwé téńdà, wọ́n sì lè sún ọjọ́ ìtìpa síwájú. Ẹ kọ nọ́ńbà àfikún náà sínú fọ́ọ̀mù téńdà yín. Èyí tí òṣìṣẹ́ bá sọ lórí fóònù kò so ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀.

Bí wọn kò bá dáhùn ńkọ́? Ẹ má kọ ọ́ sínú téńdà pé owó yín kò kan ẹrù tó bá kọjá Ìbàdàn. Wọ́n lè torí ẹ̀ dà á nù. Ẹ ṣírò ọgbọ̀n ilé ẹ̀kọ́ náà àti pákó 25, tàbí kí ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.