Orí Olókun: ojúlówó ni àbí ayédèrú? Bí àwọn onímọ̀ ṣe ń dá a mọ̀ rèé

Fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ sínú ìwé ni pé Orí Olókun tó wà lọ́wọ́ wa ní Nàìjíríà kì í ṣe ojúlówó. Wọ́n ní àwòkọ lásán ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé òyìnbó ará Jámánì kan ló gbọ́n wa lójú, tó gbé ojúlówó sá lọ. Àfi ìgbà tó di 2010 tí wọ́n tún orí náà yẹ̀ wò ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ọ̀rọ̀ bá yí padà.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ lè máa wò ó pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ orí tó ti Ifẹ̀ wá. Ó kàn wá, torí pé ọ̀pọ̀ agbo ilé ló ní idẹ àtijọ́ nílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni sì lè yọjú lọ́la láti sọ pé ayédèrú ni tàbí pé ojúlówó ni. Ó yẹ ká mọ ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wò kó tó la ẹnu.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní òpin ọdún 1910, Leo Frobenius, onímọ̀ ará Jámánì, dé sí Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Ní igbó Olókun ni wọ́n ti fi orí idẹ kan hàn án, tó dé adé, tí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ sì kún ojú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Orí náà wú u lórí débi pé ó ní Yorùbá kọ́ ló lè ṣe é. Ó ní àwọn ará ayé àtijọ́ kan tó ti òkèèrè wá, àwọn ará Atlantis inú ìtàn àwọn Gíríìkì, ló ṣe é. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ, pọ́n-ùn mẹ́fà àti ìgò ọtí wisikí kan ló fi rà á.

Àwọn ará Ifẹ̀ fẹjọ́ sùn, Charles Partridge tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́ ẹjọ́ náà. Ó pàṣẹ pé kí Frobenius dá orí idẹ náà padà, ó sì dá a padà. Ṣùgbọ́n àwọn orí amọ̀ tó kó bá a dé Jámánì. Ibẹ̀ ni ìfura ti wọlé: ṣé orí tó rà gan-an ló dá padà, àbí ó ti dọ́gbọ́n rọ òmíràn tó jọ ọ́?

Nígbà tó di 1938, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníje, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, ni wọ́n bá kan àwọn orí mìíràn nínú ilẹ̀. Àwọn orí wọ̀nyẹn ló fi han gbogbo ayé pé Ifẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti wá, kò sí ọ̀rọ̀ Atlantis kankan níbẹ̀. Àwọn náà ni wọ́n wá fi di òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn Orí Olókun.

Ìda tàbí yanrìn?

Ní 1949, William Fagg tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum àti Leon Underwood tó jẹ́ oníṣẹ́ ọnà tó mọ̀ nípa ìrọ idẹ kọ̀wé pé àwọn ti yẹ Orí Olókun wò. Wọ́n ní inú yanrìn ni wọ́n ti rọ ọ́, nígbà tó jẹ́ pé ìda ni wọ́n fi rọ àwọn orí Ifẹ̀ yòókù. Ìdí rèé tí wọ́n fi ní àwòkọ òde òní ni.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ ká mọ bí ọ̀nà méjèèjì ṣe yàtọ̀. Tí alágbẹ̀dẹ idẹ bá fẹ́ fi ìda rọ orí, yóò kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ inú orí náà. Yóò fi ìda bò ó fẹ́ẹ́rẹ́, orí ìda yìí ni yóò sì ti ya ojú, imú, ẹnu àti ilà. Yóò wá fi amọ̀ mìíràn bo gbogbo rẹ̀ lóde, yóò sì gbé e sínú iná. Ìda á yọ́, á ṣàn jáde, á sì fi àlàfo sílẹ̀ láàrín amọ̀ inú àti amọ̀ òde. Inú àlàfo yẹn ni wọ́n ń da idẹ yíyọ́ sí. Tó bá tutù, wọ́n á fọ́ amọ̀ òde. Ìda ti lọ, amọ̀ ti fọ́, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan péré ni ohun tí wọ́n bá fi ìda rọ lọ́nà yìí ń wáyé.

Ti yanrìn yàtọ̀. Ẹ ti rí àwọn tó ń yọ́ páànù àti àgòlò láti fi rọ ìkòkò. Ìkòkò tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́ yanrìn tútù tí wọ́n kì pọ̀ sínú àpótí. Wọ́n á yọ ìkòkò náà kúrò, àpẹẹrẹ rẹ̀ á wà nínú yanrìn, ibẹ̀ ni wọ́n á sì da irin yíyọ́ sí. Ẹ ò rí i pé ohun kan gbọ́dọ̀ ti wà tẹ́lẹ̀ kí yanrìn tó lè mú àpẹẹrẹ rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé tí ẹnì kan bá ní yanrìn ni wọ́n fi rọ orí Ifẹ̀ kan, ohun tó ń sọ ni pé àwòkọ ni.

Àmì tí wọ́n ń wò ni ojú oríkèé, níbi tí ìpín yanrìn kan ti pàdé èkejì, tí wọ́n á sì ti fi ayùn há a kó lè dán. Wọ́n tún ń wò bóyá ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki bíi yanrìn, àti bóyá àwọn ilà náà ti kú, tí wọn ò mú bíi ti èyí tí ọwọ́ yà sórí ìda. Àmì kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò: idẹ máa ń sún kì tó bá ń tutù. Tí orí kan bá ga ní 30 sẹ̀ntímítà, tí ẹnì kan sì rọ àwòkọ rẹ̀ nínú yanrìn, àwòkọ náà yóò fi nǹkan bí ìdajì sẹ̀ntímítà kéré sí i.

Nígbà tí ìdájọ́ kan di òtítọ́ gbogbo ayé

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹnu àwọn onímọ̀ méjì yìí tó, gbogbo èèyàn sì gbà. Tí èyí tó wà lọ́wọ́ wa bá sì jẹ́ àwòkọ, ojúlówó gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Wole Soyinka fúnra rẹ̀ sọ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 2006 pé ní àwọn ọdún 1970, àwọn gbọ́ pé ojúlówó wà nílé ẹnì kan ní Bahia ní ilẹ̀ Brasil. Àwọn wá ọgbọ́n gbé e kúrò níbẹ̀, pẹ̀lú èrò pé àwọn ń gba ẹrù baba àwọn padà ni. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé àwòkọ lásán ni wọ́n gbé. Ẹ ò rí i bí ìdájọ́ kan ṣe lè rán odindi ọ̀mọ̀wé lọ sí òkè òkun.

Ohun tí wọ́n rí ní 2010

Ní 2010, wọ́n ṣe àfihàn ńlá kan nípa iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ ní British Museum, Orí Olókun sì tún dé Lọ́ńdọ̀nù. Paul Craddock, Janet Ambers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní yàrá ìwádìí ibẹ̀ lo àǹfààní yẹn láti yẹ̀ ẹ́ wò lákọ̀tun. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013.

Wọn ò gbé ọ̀rọ̀ náà lé àmì kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà tí wọ́n gbà rọ ọ́. Wọ́n ní ìda ni, kì í ṣe yanrìn. Èyí nìkan ti wó ìpìlẹ̀ ìdájọ́ 1949.

Ìkejì ni ohun tí wọ́n pò pọ̀ di irin náà. Idẹ kì í ṣe ohun kan ṣoṣo: bàbà ni wọ́n ń pò mọ́ síǹkì, wọ́n sì lè fi òjé kún un. Ẹ̀rọ kan wà tó ń tan ìtànṣán bíi ti ẹ́síréè sí ara irin, tí yóò sì sọ iye bàbà, síǹkì àti òjé tó wà níbẹ̀ láìgé e. Ó wúlò torí pé ní ayé àtijọ́, ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe idẹ kì í jẹ́ kí síǹkì kọjá nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Tí síǹkì bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ìfura ti dé nìyẹn. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: síǹkì tó kéré kò fi hàn pé nǹkan ti pẹ́, torí ayédèrú lè yọ́ idẹ àtijọ́ fi rọ tuntun.

Ìkẹta ni ohun tó lẹ̀ mọ́ orí náà, ìyẹn ìpẹtà àti èérí ara rẹ̀, pẹ̀lú amọ̀ tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Ìpẹtà tó jẹ wọ inú irin díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún yàtọ̀ sí àwọ̀ tí ẹnì kan fi kẹ́míkà kùn ún ní ọ̀sẹ̀ kan. Àmì wọ̀nyí pọ̀, ibì kan náà ni wọ́n sì dorí kọ. Àwọn onímọ̀ náà wá sọ pé ó dájú dé ìwọ̀n gíga pé Orí Olókun yìí kì í ṣe àwòkọ òde òní, pé òun ló ṣeé ṣe jù kó jẹ́ èyí tí Frobenius rí ní 1910.

Ṣé a lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀?

Kò sí ẹ̀rọ tó lè wo idẹ kó sọ ọdún tí wọ́n rọ ọ́. Amọ̀ inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń bi léèrè. Amọ̀ máa ń kó agbára díẹ̀díẹ̀ pa mọ́ láti ara ìtànṣán tó wà nínú ilẹ̀, iná ìrọ idẹ sì ti nu gbogbo èyí tó ti kó tẹ́lẹ̀ kúrò. Tí wọ́n bá tún gbé amọ̀ kékeré náà gbóná ní yàrá ìwádìí, yóò tan ìmọ́lẹ̀ kékeré kan. Bí ìmọ́lẹ̀ yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni ọdún ṣe pọ̀ tó. Ọ̀nà yìí ló fi hàn pé àwọn idẹ Ifẹ̀ mélòó kan ti wà láti bíi ọ̀rúndún kẹrìnlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ha amọ̀ inú dànù, kò sí ohun tí wọ́n máa bi léèrè mọ́. Tí wọ́n bá sì ti fi ẹ́síréè yà á lọ́pọ̀ ìgbà, ìṣirò náà lè dàrú.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé

Tí idẹ àtijọ́ bá wà nínú agbo ilé yín, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó o kó lè dán. Ìpẹtà yẹn wà lára ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ má sì ha amọ̀ dúdú tó wà nínú rẹ̀ dànù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwájú, lẹ́yìn àti nínú, kí ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ìwọ̀n rẹ̀ lè hàn. Ẹ kọ ibi tó wà àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sílẹ̀. Ká ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà fún Orí Olókun kí Frobenius tó fọwọ́ kàn án ni, rúlà nìkan ì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Tí àjèjì kan bá wá sọ fún yín pé ayédèrú ni, kí ẹ tà á fún òun ní owó pọ́ọ́kú, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé àmì wo ló rí àti mélòó ni. Ẹ sì rántí pé òfin 1979 tó dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀dọ̀ àjọ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ lọ.