Gìrì Aláboyún: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Ilé Ti Gbọ́ Kó Tó Dé

Òjé nílùú Ìbàdàn kò jìnnà sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ tó wà ní Yemẹtù, ilé ìwòsàn tó wà ní Oríta Mẹ́fà náà kò sì jìn. Ṣùgbọ́n ìtòsí kì í ran ẹni tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó gbéra. Agbẹ̀bí tó ń kọ́ àwọn aláboyún lẹ́kọ̀ọ́ ló ni iṣẹ́ àtisọ àmì ewu lọ́nà tí ará ilé yóò fi dá a mọ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru. Agbẹ̀bí so ẹ̀rọ mọ́ aláboyún lápá, ó rí i pé ó ti dé 140 lórí 90. Bó bá ní ẹ̀jẹ̀ ń ru, ìyá ọkọ á ní ọmọ náà ń ronú jù ni. Nígbà tí àwọn olùwádìí bi àwọn ará ìpínlẹ̀ Ògùn léèrè, ìrònú ni wọ́n ní ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ní òtútù ló ń fa gìrì aláboyún. Ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ á máa sá fún ilẹ̀ tútù, kò ní mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tó ń ru yẹn gan-an ló ń di gìrì.

Ká ní oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú ìyàwó kan tó ń ta aṣọ òkè lọ́jà Òjé. Lọ́sàn-án, orí ń fọ́ ọ. Ta ni orí kì í fọ́ lójú oòrùn ọjà? Ó lo parasitamọ́ọ̀lù, kò gbọ́. Nígbà tó di alẹ́, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, òkè inú ń ro ó lápá ọ̀tún lábẹ́ egungun ìhà; wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni. Ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú tó bẹ́ẹ̀ tí òrùka kò bọ́ mọ́. Wọ́n ní ọkùnrin ló fẹ́ bí. Nítorí náà, “orí fífọ́” lásán kò tó láti sọ. Kí agbẹ̀bí sọ ọ́ báyìí: “Màmá, orí tó ń fọ́ tí oògùn kò ràn, ojú tó ń ṣú, òkè inú tó ń ro, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ti tó. Ẹ gbé e wá lóru náà, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.”

Bó bá tètè dé, abẹ́rẹ́ mágníṣíọ́mù súlúféètì wà. Ìwádìí tó jáde ní 2002, tí àwọn obìnrin tó lé ní 10,000 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé ó ń dín ewu gìrì kù ju ìdajì lọ. Bí gìrì bá ti mú un nílé, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má rọ àgbo tàbí epo sí i lẹ́nu, kí ẹ sì wá ọkọ̀.

Orúkọ gìrì aláboyún fúnra rẹ̀ máa ń tan ènìyàn. Ó lè mú ìyá ọmọ lẹ́yìn tó ti bímọ, nígbà tí ilé ń palẹ̀ ìkómọ mọ́. Àwọn àmì kan náà ni kí ẹ máa ṣọ́ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yóò fi pé.

Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn á sì ru láìsí àmì kankan, ẹ̀rọ nìkan ló ń rí i. Ẹ̀yin ọkọ àti ìyá ọkọ, ẹ̀yin lẹ ń sọ pé ká lọ tàbí ká dúró. Ẹ bá aláboyún yín lọ síbi ìtọ́jú oyún, ẹ má sì kúrò níbẹ̀ láìbéèrè iye tí ẹ̀rọ kà.